Owó tó ti wọgbó, owó ọ̀ranyàn: ṣé kó kógbá wọlé ni?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká mú un bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ń ṣe omi inú ọ̀rá n'Ìbàdàn. Oṣù Keje la wà yìí. Ilẹ̀ onílẹ̀ ló ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, mílíọ̀nù 3 náírà. Ó ra ẹ̀rọ tó ń lẹ ọ̀rá, mílíọ̀nù 2. Ó san owó ilé ọdún kan, 600,000, ní Oṣù Kìíní. Ọjà ò wá yá mọ́. Ṣé kó kógbá wọlé ni?

Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Mílíọ̀nù 3 ni mo kó sí kànga, mi ò lè fi sílẹ̀." Áà! Ibẹ̀ gan-an lẹ ti máa ń ṣì í! Kànga ò ṣeé hú tà. Bó dúró, bó lọ, owó yẹn ò padà wá. Ó ti wọgbó. Ẹ YỌ Ọ́ KÚRÒ NÍNÚ ÌṢIRÒ! Mo ní ẹ yọ ọ́ kúrò!

Èmi tí mò ń pariwo yìí náà, nígbà tí mò ń ta fóònù, pátákó ìta ṣọ́ọ̀bù tí mo fi 85,000 ṣe ni kò jẹ́ kí n tètè palẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn ilé ìdáná màmá mi ló wà báyìí, adìẹ ń sùn lábẹ́ ẹ̀.

Ẹ̀rọ ńkọ́? Wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Kànga lomi tó dànù, ẹ̀rọ ni agbè. Bí ẹnì kan bá fẹ́ rà á ní 1,200,000, 800,000 péré ló wọgbó.

Owó ọ̀ranyàn wàyí: èyí tó gbọ́dọ̀ san, ì báà ta àpò kan, ì báà ta ẹgbẹ̀rún. Owó oṣù òṣìṣẹ́, 150,000, wà níbẹ̀. Ìyẹn ò tíì wọgbó, torí tó bá ti ilẹ̀kùn, kò ní san án mọ́. Owó ilé náà, ọ̀ranyàn ni, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ níbí o, mo bẹ̀ yín! Ti ọdún yìí ti wọ àpò onílé, kò sì ní dá a padà. Ìyẹn ti wọgbó. Ti ọdún tó ń bọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Tó bá ti yọ owó ọ̀rá àti dísù, 190,000 ló ń kù lóṣù. Yọ owó òṣìṣẹ́, ó ku 40,000. Ẹ̀rọ ń gbó, ká ní iye ẹ̀ ń já ní 10,000 lóṣoṣù. Ó ku 30,000. Kó máa ṣiṣẹ́ lọ! Tó bá pa á tì lónìí, 30,000 yẹn ló máa pàdánù lóṣoṣù, owó ilé ò sì ní tìtorí ẹ̀ padà wá.

Àmọ́ tí Oṣù Kìíní bá dé, 600,000 di 50,000 lóṣù, tí kò tíì jáde lápò. 30,000 ò lè gbé 50,000. Kó ta ẹ̀rọ, kó jáde kó tó tún fọwọ́ kan owó onílé.

Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí ṣọ́ọ̀bù tí ọjà ẹ̀ ti kú tipẹ́, tó ṣì ń ṣí láràárọ̀, tó wá di ọ̀sẹ̀ tí owó ilé pé, tẹ́ ẹ bá kọjá, àgádágodo lẹ máa bá lẹ́nu ọ̀nà.