"Ẹ Bá Mi Mék It Bẹ́tà": Ta Ni Yóò Kà Á?

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ọjà ẹja Olúwo wá tààrà, mo rí i pé aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lára yín. Ẹ kú iṣẹ́. Àwọn tó bá fẹ́ jókòó sẹ́bàá fèrèsé, àyè ṣì wà.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká jọ tú palẹ̀ ní Ẹpẹ́ níbí lónìí. Akápò ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ló fi ránṣẹ́ sí mi láàárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sidé kan, mo sì ti gbàyè lẹ́nu rẹ̀ kí n tó mú un wá. Kò fi àmì sí i, bí gbogbo wa ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù náà nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀, bó ṣe ń dún létí ni mo ṣe kọ ọ́ sójú pátákó yìí:

"Gudu monin ma. Awon ti won ni balansi, e kainli ma mu owo wa ni Satide. E ma je ka pe oruko o. Tanki yu."

Lábẹ́ rẹ̀ ló ti wá kọ ọ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi mék it bẹ́tà." Ó tán.

Mo mọ ohun tí ọwọ́ yín ń sáré lọ ṣe. Ẹ fẹ́ yọ Gẹ̀ẹ́sì dànù, kí gúdù mọ́nìn di ẹ káàárọ̀, kí báláǹsì di gbèsè, kẹ́ ẹ wá fi àmì sórí gbogbo rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ ná.

Ẹ wo "e kainli ma mu owo wa." Ṣé ẹ máa mú owó wá ni, àbí ẹ má mú owó wá? Láìsí àmì, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú. Ẹ tún wo báláǹsì. Bí mo bá ra ẹja tí mo fún ọlọ́jà lówó tó ju iye rẹ̀ lọ, màá ní, "Báláǹsì mi dà?" Owó tèmi tó wà lọ́wọ́ ọlọ́jà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá san díẹ̀ nínú owó ẹrù, èyí tó kù lọ́rùn mi náà, báláǹsì ni. Ẹ wá so méjèèjì pọ̀. Ẹnì kan lè kà á pé ẹni tó bá jẹ owó kó mú un wá. Ẹlòmíì lè kà á pé ẹni tí owó rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kó má mú owó kankan wá mọ́. Ìtumọ̀ méjèèjì dúró dáadáa, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn síra.

Gbólóhùn kẹta ló jẹ́ kí n mọ èyí tó tọ̀nà. "Ẹ má jẹ́ ká pe orúkọ o." A kì í fi pípe orúkọ dẹ́rù ba ẹni tí a ní owó lọ́wọ́ fún. Nítorí náà, ajigbèsè ló ń bá wí. Bẹ́ ẹ bá rí ọ̀rọ̀ tó là sí méjì báyìí, ẹ má tẹjú mọ́ ojú ibẹ̀ nìkan. Ẹ wá gbólóhùn mìíràn nínú iṣẹ́ náà tí kò lè bá ìtumọ̀ kan gbé pọ̀.

Ta wá ni ó ń bá sọ̀rọ̀? Ó ní "ma," bí ẹni ń kí obìnrin àgbà kan. Lẹ́yìn náà ó ní "àwọn tí wọ́n," bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ó wá ní "ẹ." Ẹ yìí kò ràn wá lọ́wọ́ rárá, torí a ń lò ó fún àgbà kan ṣoṣo, a sì ń lò ó fún èrò rẹpẹtẹ. Òyìnbó a máa fọ́nnu pé èdè òun yéni, àmọ́ "you" tiwọn náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò tiẹ̀ sọ fúnni bóyá àgbà lèèyàn ń bá wí.

Ohùn rẹ̀ ńkọ́? "Kainli" ń ké bí lẹ́tà ọ́fíìsì. "O" tó gbẹ̀yìn "pe oruko" ń jágbe. "Tanki yu" wá ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohùn mẹ́ta nínú iṣẹ́ tí kò ju gbólóhùn mẹ́rin lọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, fóònù kò sì ní ojú.

Ṣùgbọ́n báláǹsì yẹn, mo bẹ̀ yín, kì í ṣe àìmọ Yorùbá ló fà á. Ó mọ gbèsè. Ó sá fún un ni. Gbèsè ń ta èèyàn lára, báláǹsì kò ta á. Èmi gan-an ti yí báláǹsì padà sí gbèsè rí nínú ìwé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò kan. Bàbá kan gbé ìwé náà wá bá mi nílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò jókòó. Ó ní, "Ìwọ akọ̀wé, gbèsè ta ni mo jẹ?" Ẹgbẹ̀rún kan àti ààbọ̀ náírà ni owó ọ̀hún o.

Mo pe akápò náà, mo sì bi í ní ìbéèrè méjì péré: ta ni yóò ka èyí, kí sì ni o fẹ́ kí wọ́n ṣe tí wọ́n bá kà á tán? Mi ò bi í pé irú ohùn wo ló fẹ́, torí "kó ṣáà dára" ni wọn máa ń fèsì sí ìyẹn. Ó ní ẹgbẹ́ jọ ra igi ìdáná ọkọ̀ kan ni. Èèyàn méje kò tí ì san owó tiwọn pé, onígi sì ń padà bọ̀ ní Sátidé. Gbogbo ẹgbẹ́ ni yóò rí iṣẹ́ náà lórí Wásáàpù. Ọ̀kan nínú àwọn méje ọ̀hún, ọ̀rẹ́ ìyá ọkọ òun ni. Àwọn kan kò mọ̀wé, ọmọ wọn ní ń kà á sí wọn létí.

Ẹ rí i pé iṣẹ́ kan ti di méjì. Èyí tí mo kọ fún gbogbo ẹgbẹ́ nìyí: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Onígi ń bọ̀ wá gba ìyókù owó rẹ̀ ní Sátidé. Àwa tí a kò tí ì san tiwa tán, ẹ jẹ́ ká mú un wá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹni tí kò bá rọrùn fún, kó pè mí ṣáájú. Ẹ ṣeun." Mo yọ "ma" kúrò níbi tó ti lè dájà sílẹ̀. Kódà bí fóònù bá jẹ gbogbo àmì, "e je ka mu un wa" kò lè di ẹ má mú un wá. Bí ọmọ ọdún mẹ́wàá bá kà á sókè, yóò yé ìyá rẹ̀. Onígi ló sì gba ipò ìhàlẹ̀ orúkọ pípè, torí ìdí tí a fi ń fẹ́ owó náà kíákíá ló wà nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ti ìyá àgbà yẹn, òun nìkan ni a fi ránṣẹ́ sí: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo ń yọ yín lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ igi yẹn náà ni, onígi ń bọ̀ ní Sátidé. Ṣé kí n yà sílé ni, mà, àbí ọjà la ó ti ríra?" Kò sí iye owó níbẹ̀. Ó mọ iye tó kù.

Bẹ́ ẹ bá pe oníṣẹ́ tí kò gbé e, tí àkókò sì ti lọ, ibi tó dá yín lójú nìkan ni kẹ́ ẹ tún ṣe. Ẹ fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń rọ ọ̀rọ̀ lójú sílẹ̀. Ibi tó bá là sí méjì, ẹ kọ méjèèjì fún un kó mú ọ̀kan.

Akápò gba iṣẹ́ mi, ó dúpẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó fi èyí tó lẹ̀ mọ́ Wásáàpù ẹgbẹ́ hàn mí. Ó ti yọ "ìyókù owó rẹ̀," ó sì ti dá "balansi e" padà síbẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó ń sọ ìyókù owó nídìí ẹja. Mo tún un kà. "Onigi n bo wa gba balansi e." Ó yé, mi ò sì fọwọ́ kàn án mọ́.