Mímú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yára láìsọ olùkọ́ di ọmọdé

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tó bá lo kásẹ́ẹ̀tì rí á rántí bí ohùn bàbá àgbà ṣe máa ń dà bíi ti ọmọdé tí ẹ̀rọ bá ń yí sáré jù. Bó ṣe rí lórí kọ̀ǹpútà náà nìyẹn tí a bá kàn mú kí fáìlì sáré. Ohùn ọkùnrin tó ń gbọ̀n nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan á di 150 tí a bá fi ìdajì kún eré rẹ̀. A ṣì máa mọ igbá yàtọ̀ sí igbà o, torí gbogbo ohùn náà ló jọ gòkè. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gan-an ni a ò ní dá mọ̀ mọ́.

Ọ̀nà kejì ni ká gé ohùn náà wẹ́wẹ́, ká yọ díẹ̀ kúrò, ká sì so èyí tó kù pọ̀. Nínú ègé kọ̀ọ̀kan, ohùn ṣì ń gbọ̀n bó ṣe ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀. Ojú ìsopọ̀ ni wàhálà wà. Tí ìsopọ̀ ò bá bára mu, tó sì ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ohùn á máa dún bíi ti ẹ̀rọ. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ wá ibi tí ìgbì ohùn méjèèjì ti jọra, á wá yọ́ ọ̀kan wọnú èkejì. Télọ̀ tó ń wá ibi tí òdòdó áńkárá ti bára mu kó tó rán an ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ègé náà sì gbọ́dọ̀ gùn tó láti gba ìgbọ̀n bíi mélòó kan, pàápàá tí ohùn bá kẹ̀.

`atempo` inú FFmpeg, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ lórí ohùn àti fídíò, ni mo ń lò:

```
ffmpeg -i ise.mp3 -filter:a "atempo=1.5" ise-yara.mp3
```

Iṣẹ́ 60 ìṣẹ́jú á di 40, ohùn olùkọ́ ò sì ní yí. Tí ẹ bá fẹ́ ju ìlọ́po 2 lọ, `atempo` á bẹ̀rẹ̀ sí í fo àwọn ibì kan dípò kó yọ́ wọn pọ̀. Kó má bàa fò wọ́n, ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: `atempo=1.5,atempo=1.5`, ẹ ó rí 2.25.

Fún Yorùbá, èmi kì í kọjá 1.5. A ti ń pa fáwẹ́lì jẹ tẹ́lẹ̀: "ra ẹja" ti di "rẹja" lẹ́nu wa. Ìwọ̀nba tó kù yẹn náà ni eré máa gbé lọ.

Tí ẹ bá dín eré kù sí 0.75, ẹ gbọ́ ibi tí àwọn èèyàn ti pàtẹ́wọ́. Láti mú ohùn gùn, kọ̀ǹpútà ní láti tún àwọn ègé kan lò, pàtẹ́wọ́ kan sì lè dún bíi méjì. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ wò. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń wá ibi tí olùkọ́ ti fa "ẹẹẹn" gùn: tó bá ń gbọ̀n yẹ́pẹ́yẹ́pẹ́, mo máa ń dá eré padà díẹ̀, inú fáìlì àkọ́kọ́ ni mo sì ti máa tún un ṣe.