Ẹ Ka Mímí Aláìsàn: Ọ̀rọ̀ Lórí Sẹ́písìsì

Ẹ kú ìjókòó. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ wo aago yín, kí ẹ ka iye ìgbà tí àyà ẹni tó jókòó tì yín gbéra sókè láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ má sọ fún un o, torí ẹni tó bá mọ̀ pé a ń ka mímí òun kò ní mí bó ṣe ń mí tẹ́lẹ̀. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ yóò mí bí ìgbà 12 sí 20. Kíkà yìí kò gba owó, síbẹ̀ àwa nọ́ọ̀sì gan-an a máa fò ó, a ó kàn kọ 18 sínú ìwé. Mo ti ṣe é rí.

Bí kòkòrò àrùn bá wọ ibì kan lára, ara a máa bá a jà níbẹ̀: ojú ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á gbóná. Nínú sẹ́písìsì, ìjà yẹn kò dúró sójú kan mọ́. Iṣan ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara á fẹ̀, wọ́n á máa jò, omi inú ẹ̀jẹ̀ á sì máa sá bọ́ sínú ẹran ara. Ẹ̀jẹ̀ á tún máa dì ní kékeré-kékeré nínú àwọn iṣan tó tín-ín-rín jù. Ọpọlọ, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ kò ní rí ọ́síjìn tó. Ìdí nìyí tí ìtumọ̀ tí àwọn oníṣègùn fẹnu kò sí ní 2016 kò fi dá lé bóyá kòkòrò wà nínú ẹ̀jẹ̀: ẹ̀yà inú ara tí ìjà tí kò níwọ̀n yìí ti ń bà jẹ́ ni wọ́n ń wò.

Ibi tí ọ́síjìn kò bá ti dé dáadáa, ásíìdì á pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀nà tó yá jù tí ara fi ń dín in kù ni mímí. Aláìsàn á wá máa mí bí ẹni tó sáré dé, bẹ́ẹ̀ orí ibùsùn ló sùn sí.

Ẹ jẹ́ ká fi màmá ẹni ọdún 68 kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìtọ̀ ti ń ta á fún ọjọ́ mẹ́ta. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ó gbọ̀n rìrì, ìgbóná ara rẹ̀ jẹ́ 38.9. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti di 35.8, gbogbo ilé sì ní ibà ti lọ. Ṣùgbọ́n màmá ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ pe ọmọ rẹ̀. Kò tíì tọ̀ láti alẹ́. Wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, ó jẹ́ 106 lórí 58, wọ́n ní ó dára. Kò sẹ́ni tó rántí pé 145 ló máa ń wà lókè. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ka mímí rẹ̀: 28. Ó tẹ èékánná ìyá rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ó tú u sílẹ̀: ó lé ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta kí àwọ̀ rẹ̀ tó padà. Ó gbé e lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò dúró de ìrọ̀lẹ́.

Ìgbóná ara tó lọ sílẹ̀ ló tan ilé yẹn jẹ. Nínú àgbàlagbà tó ní àkóràn, ara tó tutù pẹ̀lú ọkàn tó ń sọ kìjikìji burú ju ibà lọ. Ìfúnpá náà a máa tanni, torí ọkàn á kọ́kọ́ sáré láti gbé e dúró, ìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́ ni ìfúnpá á já wálẹ̀ lójijì.

Nílé ìwòsàn, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti mọ irú kòkòrò tó wà níbẹ̀, wọ́n sì fa àǹtíbáyọ́tíìkì sí i ní iṣan láìdúró de èsì, torí èsì yẹn lè gba ọjọ́ méjì. Lákíteètì rẹ̀, ìyẹn ásíìdì tí mo wí, jẹ́ 4.2, kò yẹ kó ju 2 lọ. Kí wákàtí kan tó pé ìfúnpá rẹ̀ ti já sí 84 lórí 46. Wọ́n fa omi sí i, mílílítà 30 fún kílò kan. Kílò 60 ni màmá, nítorí náà ó gba 1,800 láàárín wákàtí mẹ́ta. Bí ìfúnpá kò bá dìde pẹ̀lú omi, oògùn tó ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀ ló kàn, torí bí wọ́n bá ń rọ omi sí i ṣáá, inú ẹ̀dọ̀fóró ni yóò já sí. Wákàtí la fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí, torí àǹtíbáyọ́tíìkì lè pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kò lè tún kíndìnrín tó ti bàjẹ́ ṣe.

Ẹnì kan béèrè bóyá gbogbo ẹni tó bá ń mí kíákíá ló ní sẹ́písìsì. Rárá. Ẹ̀rù, ikọ́ fée àti àtẹ̀gùn téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn náà lè fà á. Ẹ jẹ́ kó jókòó sinmi, kí ẹ tún un kà. Bí ó bá ṣì jẹ́ 22 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àkóràn wà lára rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń dàrú tàbí tí kò tọ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ. Ẹ má lo iye yìí fún ọmọdé, torí mímí tiwọn yá ju ti àgbà lọ, ó sì yàtọ̀ láti ọjọ́ orí kan sí èkejì. Tọmọ ìkókó, ẹ wò ó bóyá ó kọ ọmú, bóyá ó rọ jọ̀wọ̀lọ̀, tàbí ó ṣòro láti jí.