"Olè ni ìwọ": bí a ṣe ń tú ọ̀rọ̀ ìbanilórúkọjẹ́ wò nínú ìdánwò òfin

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ní ọdún 1959, ẹjọ́ kan dé ilé-ẹjọ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ẹjọ́ Bakare àti Ishola ni wọ́n ń pè é. Àwọn méjèèjì ń bá ara wọn fa ìjà, ni ọ̀kan bá là á mọ́ èkejì lójú pé: "Olè ni ìwọ, ẹlẹ́wọ̀n! Ìwọ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀wọ̀n dé yìí!" Ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí gba kóòtù lọ, ṣùgbọ́n kò jàre. Ilé-ẹjọ́ ní níbi tí àwọn èèyàn bá ti ń jà, wọ́n sábà máa ń pe ara wọn lólè, kò sì sẹ́ni tó ń gbà á sí òótọ́. Èébú lásán ni.

Ẹ wá mú ọ̀rọ̀ kan náà, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sójú ìwé ìròyìn láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Kò sí ìjà, kò sẹ́ni tó ń bínú, àwòrán ọkùnrin náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá kà á kò ní sọ pé èébú ni. Yóò gbà pé olè ni lóòótọ́, pé ẹ̀wọ̀n ló ti dé. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé bí ìbéèrè yìí bá jáde, kí wọ́n má kọ́kọ́ bi ara wọn bóyá ọ̀rọ̀ náà burú. Kí wọ́n bi ara wọn pé: kí ni ẹni tó gbọ́ ọ tàbí tó kà á yóò gbà gbọ́ nípa ẹni tí wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀?

Ohun tí olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn kò pọ̀. Àkọ́kọ́, pé wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà jáde, ìyẹn ni pé ẹlòmíràn yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ọ tàbí kà á. Bí ẹ bá kọ lẹ́tà èébú sí mi, tó jẹ́ èmi nìkan ni mo kà á, inú mi lè bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì bà mí lórúkọ jẹ́ lójú òfin. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ wa tẹnu mọ́ èyí nínú ẹjọ́ Nsirim àti Nsirim ní 1990. Èkejì, pé òun ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Kò di dandan kí wọ́n dárúkọ. Bí ìwé ìròyìn bá kọ "alága ìjọba ìbílẹ̀ wa", alága kan péré ló wà níbẹ̀, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹta ni pé ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ kí àwọn ènìyàn tó ní làákàyè máa fojú tín-ínrín wò ó. Lọ́ọ̀dù Atkin ló fi ìwọ̀n yìí lélẹ̀ nínú ẹjọ́ Sim àti Stretch ní England, lọ́dún 1936. Ẹ kíyè sí "tó ní làákàyè" yẹn dáadáa. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ẹjọ́ Byrne àti Deane fi hàn wá bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹnì kan ti lọ sọ fún ọlọ́pàá pé ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ tí òfin kò fọwọ́ sí wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kan. Wọ́n wá lẹ ewì kan mọ́ ògiri ẹgbẹ́ náà, tó jọ pé ọ̀gbẹ́ni Byrne ni wọ́n ń pè ní olófòófó. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè kórìíra rẹ̀ nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn tó ní làákàyè kò lè fojú burúkú wo ẹni tó fi ọ̀rọ̀ arúfin tó ọlọ́pàá létí, nítorí náà Byrne kò jàre.

Ohun kan wà tí olùpẹ̀jọ́ kò ní láti fi hàn, òun sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú: kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti fi hàn pé irọ́ ni. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ba èèyàn lórúkọ jẹ́, ilé-ẹjọ́ á kà á sí irọ́ títí olùjẹ́jọ́ yóò fi fi ẹ̀rí òótọ́ hàn. Ìdí nìyẹn tí òótọ́ fi jẹ́ àwíjàre.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbé ìbéèrè kan yẹ̀ wò. Èmi ni mo gbé e kalẹ̀. Akọ̀ròyìn kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àdúgbò báyìí:

"Ìjọba ìbílẹ̀ wa gba mílíọ̀nù 40 náírà láti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ 6. Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, 2 péré ni omi ń jáde níbẹ̀. Alága wa kò bìkítà fún àwọn tó dìbò yàn án. Gbogbo wa la kúkú mọ ibi tí owó tó kù wọlé sí: ẹ ṣáà wo ilé tuntun tó ń kọ́."

Alága pè é lẹ́jọ́. Ẹ̀rí fi hàn pé mílíọ̀nù 38 ni owó náà. Kànga 2 ló ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí ìwé náà jáde, ṣùgbọ́n wọ́n tún ẹ̀kẹta ṣe lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Owó tí alága yá ní báńkì ló fi ń kọ́lé. Akọ̀ròyìn yìí sì ti bẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́ kànga náà tẹ́lẹ̀, alága kò fún un.

Ohun tó máa ń dùn mí tí mo bá ń ka ìdáhùn ni pé akẹ́kọ̀ọ́ á gbé ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí pọ̀ bí ẹrù kan ṣoṣo, á ní "olùjẹ́jọ́ lè sọ pé òótọ́ ni, ó sì lè sọ pé èrò rẹ̀ ni", á sì kọjá. Kò sí máàkì gidi níbẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ nọ́ńbà sí i, 1 dé 4. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè: ṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ lò ń sọ, àbí ojú tí ẹni tó kọ ọ́ fi wò ó? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni òótọ́ lè gbà là. Ojú tí èèyàn fi wò ó ni àríwísí tó tọ́, tí àwọn lọ́yà ń pè ní fẹ́à kọ́mẹ́ǹtì, lè gbà là.

Gbólóhùn 1 àti 2 ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mílíọ̀nù 40 kọ́, 38 ni. Ṣé àṣìṣe yẹn pa akọ̀ròyìn? Rárá. Ẹ rántí ẹjọ́ Alexander àti iléeṣẹ́ rélùwéè North Eastern ní 1865. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ síta pé wọ́n ní kí ọkùnrin kan san owó ìtanràn, tàbí kó fi ẹ̀wọ̀n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jura, nítorí pé ó wọ ọkọ̀ láìgba tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìdájọ́ náà gan-an. Ilé-ẹjọ́ gbà pé ìyàtọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ kò fi dandan ba àwíjàre òótọ́ jẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń ta èèyàn ni kó jẹ́ òótọ́. Ohun tó ta alága níbí ni pé owó ńlá wọlé, omi kò jáde. Òótọ́ ni. Ti kànga kẹta tí wọ́n tún ṣe ńkọ́? Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ jáde là ń wò, kànga 2 ló sì ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Gbólóhùn 3 yàtọ̀. "Kò bìkítà": kò sí ẹ̀rọ tó lè wọn ìyẹn. Èrò ni. Kí àríwísí tó lè gba akọ̀ròyìn là, ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ kan ará ìlú, owó ìjọba àti omi mímu sì kàn wọ́n. Ó gbọ́dọ̀ dúró lórí ohun tó jẹ́ òótọ́, kí ẹni tó ń kà á sì rí ohun náà. Gbólóhùn 1 àti 2 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ìdí sì nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yanjú àwọn yẹn. Bí ìpìlẹ̀ bá wó, èrò orí rẹ̀ wó pẹ̀lú. Lẹ́yìn èyí, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èrò tí olóòótọ́ ènìyàn lè ní, kódà bó jẹ́ alásọdùn tàbí olórí kunkun. A kò bèèrè bóyá adájọ́ gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Àmọ́ àránkan wà níbẹ̀. Bí ẹ̀rí bá fi hàn pé kíkórìíra alága ló mú akọ̀ròyìn sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò gbà gbọ́, àríwísí kò ní gbà á là mọ́. Pé wọn kò fún un níṣẹ́ nìkan kò tó. Èèyàn lè bínú, kó sì tún gba ohun tó kọ gbọ́. Ṣùgbọ́n ká ní ìbéèrè fi kún un pé ó ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù pé: "Mo mọ̀ pé bàbá yẹn ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n màá fojú ẹ̀ rí nǹkan." Àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ni yóò gbá àwíjàre rẹ̀ dànù. Ẹ ṣọ́ra o: gbólóhùn 3 nìkan ló kàn. Àránkan kì í ba òótọ́ jẹ́. Ẹni tó bá fi ìkórìíra sọ òótọ́, òótọ́ náà ló sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ ní London, òfin ìbanilórúkọjẹ́ ọdún 2013 ti yí èyí padà ní England àti Wales. Olùpẹ̀jọ́ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ṣe orúkọ òun ní jàǹbá tó le, tàbí pé ó ṣeé ṣe kó ṣe bẹ́ẹ̀. Èrò òtítọ́ ọkàn ló sì rọ́pò àríwísí tó tọ́. Ẹ má fi ti Nàìjíríà dáhùn tibẹ̀.

Ó ku gbólóhùn 4, ibẹ̀ ni máàkì wà. "Gbogbo wa la kúkú mọ̀" jọ èrò. "Ẹ ṣáà wo ilé" jọ kí èèyàn kàn nawọ́ sí nǹkan. Kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ olè. Síbẹ̀, ẹni tó kà á yóò gbà pé alága jí owó kànga, ó fi kọ́lé. Ìtumọ̀ tó fara sin ló ń ṣèdájọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ sì ni olè jíjà, kì í ṣe ojú tí a fi wo nǹkan. "Lérò tèmi" tàbí "wọ́n ní" kò lè sọ ọ́ di èrò, nítorí ẹni tó tún àhesọ sọ gbé e sórí ara rẹ̀.

Bí mo bá jókòó nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ohun tí màá kọ nìyí: "Gbólóhùn 4, nínú ìtumọ̀ tí olùkàwé lásán yóò fún un, fẹ̀sùn olè kan olùpẹ̀jọ́. Ọ̀rọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni, nítorí náà àríwísí kò kàn án. Òótọ́ nìkan ló lè gba olùjẹ́jọ́ là, òun ló sì gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá. Kò ní ẹ̀rí olè jíjà kankan, ẹ̀rí báńkì sì fi hàn pé owó yíyá ni. Pé gbólóhùn 1 àti 2 jẹ́ òótọ́ kò ràn án lọ́wọ́, nítorí pé kànga tí kò ṣiṣẹ́ àti owó tí wọ́n jí kì í ṣe ẹ̀sùn kan náà. Olùpẹ̀jọ́ yóò jàre lórí gbólóhùn yìí."