Bí mo ṣe ń so fóònù mọ́ spíkà pẹ̀lú wáyà ẹlẹ́nu pupa àti funfun, àti ìdí tí ohùn olórin fi máa ń sọnù

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ kú ìkàlẹ̀. Fóònù rèé lọ́wọ́ mi, spíkà méjì nìyẹn lórí tábìlì, wáyà tá a fẹ́ lò rèé. Iṣẹ́ yìí ò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, àmọ́ mo ti rí i tó di odidi wákàtí kan mọ́ èèyàn lọ́wọ́, èmi gan-an wà nínú wọn, ìyẹn ni mi ò ṣe ní sáré.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo wáyà yẹn dáadáa. Apá ibí ní ẹnu kan ṣoṣo, irin ṣóńṣó kékeré tí wọ́n ń pè ní jáàkì, òun ló ń wọ ihò íyápíìsì lára fóònù. Apá kejì wá pín sí méjì, ọ̀kan pupa, ọ̀kan funfun, inú wáyà míì dúdú ló máa wà nípò funfun yẹn, nǹkan kan náà ni. Àwọn ẹnu méjì yìí ni wọ́n ń pè ní RCA. Pupa ni ọ̀tún, funfun ni òsì. Ẹ jẹ́ kí n sún jáàkì yìí mọ́ kámẹ́rà. Ṣé ẹ rí òrùka dúdú méjì tó yí irin yẹn ká? Àwọn ló pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Ṣóńṣó orí ẹ̀ ń gbé ohùn òsì, àárín ń gbé ohùn ọ̀tún, ìdí ẹ̀ tó gùn yìí wá ni ọ̀nà àbọ̀ tí òsì àti ọ̀tún jọ ń gbà padà. Iná ò kàn ń lọ, ó gbọ́dọ̀ bọ̀. Ẹ fi ọ̀nà àbọ̀ yẹn sọ́kàn, mo máa padà sí i, òun ló dójú tì mí níjọ́sí.

Tí tiyín bá ní ẹnu mẹ́ta lápá kejì, pupa, funfun àti yẹ́lò, tí òrùka orí jáàkì ẹ̀ sì jẹ́ mẹ́ta, wáyà fídíò nìyẹn. Ó máa wọ inú fóònù wọ́ọ́rọ́wọ́, àmọ́ ètò inú ẹ̀ yàtọ̀, ẹ lè máa gbọ́ apá kan ṣoṣo tàbí kó kàn máa kùn. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀yin tí fóònù yín ò níhò íyápíìsì, adápítọ̀ kékeré tó ń wọ ojú ihò ṣájà lẹ máa lò, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ fi íyápíìsì dán an wò, torí tí ò bá dún nínú íyápíìsì, kò lè dún nínú spíkà.

Ó yá, ẹ̀yìn spíkà. Spíkà tó ní áńpù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ńlá, nínú ara ẹ̀ là ń sọ o, èyí tó ní wáyà iná tiẹ̀ tó ń lọ sára sọ́kẹ́ẹ̀tì. Nínú méjì tèmi yìí, ọ̀kan ló gbé áńpù náà, èkejì kàn ń gbọ́ tẹnu ẹ̀ ni. Ẹ̀yìn èyí tó gbé áńpù lẹ ti máa rí ihò pupa àti ihò funfun. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára kẹ́ ẹ tó ki nǹkan kan bọ̀ ọ́. LINE IN tàbí AUX là ń wá. Àwọn spíkà kan ní méjì méjì, ọ̀kan LINE IN, ọ̀kan LINE OUT, àwọ̀ kan náà, ìtò kan náà, tẹ́ ẹ bá wá ki wáyà bọ OUT, ẹ máa jókòó síbẹ̀ títí, spíkà ò ní fọhùn, torí ibẹ̀ lòun fúnra ẹ̀ ti ń fún ẹ̀rọ míì lóhùn. Èyí tí wọ́n kọ PHONO sí, ti ẹ̀rọ tó ń lu àwo rẹ́kọ́ọ̀dù nìyẹn, áńpù kékeré wà lẹ́yìn ẹ̀ tó ń gbé ohùn tín-ín-rín ga, ohùn fóònù á pọ̀ jù fún un, á sì máa ya.

Kí n tó so nǹkan kan, mo pa spíkà, mo sì yí fólúùmù ẹ̀ wálẹ̀ pátápátá. Ẹ má fò ó. Bí jáàkì bá ṣe ń wọlé ni ṣóńṣó orí ẹ̀ á máa gba ara àwọn irin inú ihò kọjá níkọ̀ọ̀kan, tí spíkà bá wà lórí iná tí fólúùmù sì wà lókè, ẹ máa gbọ́ ‘pàù!’ tó lè ba ìwo inú spíkà jẹ́. Mo ki pupa bọ pupa, funfun bọ funfun. Ẹ tì í, kẹ́ ẹ yí i díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń tì í, ó máa dì mú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní spíkà kan ṣoṣo tó níhò méjì, ẹ ki méjèèjì bọ̀ ọ́ náà, òun fúnra ẹ̀ á da òsì àti ọ̀tún pọ̀. Tẹ́ ẹ bá ki ẹyọ kan, ìdajì orin lẹ̀ ń gbọ́ yẹn, gìtá kan lè wà lápá kejì tẹ́ ẹ ò ní mọ̀ rárá.

Wàyí o, fóònù. Ẹ wo ohun tí mo fẹ́ ṣe: mo yọ páúṣì ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo bọ́ ọ sílẹ̀. Mo wá ti jáàkì títí mo fi gbọ́ ‘kó’ tí ìdí ẹ̀ sì sùn mọ́ ara fóònù, kò sí àlàfo kankan.

Ìdí tí mo fi yọ páúṣì rèé. Níjọ́ kan mo so fóònù ọ̀rẹ́ mi mọ́ spíkà, gbogbo nǹkan tán, mo tẹ orin, ìlù ń dún, àwọn ègbè ń dún lókèèrè bí ẹni pé inú kànga ni wọ́n wà, àmọ́ olórin fúnra ẹ̀ dà? Kò sí. Ẹnu ẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ kúrò. Mo yí spíkà síbí, mo yí i sọ́hùn-ún, mo ní spíkà yìí ti bàjẹ́, mo tiẹ̀ ti mú súkúrúdíráfà pé kí n tú u. Ọ̀rẹ́ mi kàn di fóònù mú, ìka ẹ̀ tẹ jáàkì wọlé díẹ̀, olórin sì já wọlé lójijì bí ẹni tó ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn látàárọ̀. Páúṣì fóònù ẹ̀ ló nípọn jù, kò jẹ́ kí jáàkì wọlé délẹ̀, ìdí jáàkì, ìyẹn ọ̀nà àbọ̀ tá a sọ lẹ́ẹ̀kan, ò kan irin tó yẹ kó kàn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ olórin nìkan ló sọnù? Tí ọ̀nà àbọ̀ ò bá sí, òsì àti ọ̀tún á máa gba ara wọn padà, ohun tí spíkà á wá gbọ́ ò ju ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Nínú orin tó pọ̀ jù, àárín gbùngbùn ni wọ́n ń gbé ohùn olórin sí, ìyẹn ni pé bó ṣe wà lósì náà ló ṣe wà lọ́tùn-ún, ọgbọọgba. Ẹ wá yọ nǹkan kúrò nínú ara ẹ̀, kí ló kù? Òfo. Àwọn ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ju ẹgbẹ́ kejì lọ ló máa kù, gìtá ẹ̀gbẹ́, ìró tó ń dún padà lára ògiri. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá gbọ́ orin tí ò ní olórin nínú, ẹ má fọwọ́ kan spíkà. Ẹ lọ wo jáàkì. Tó bá sì ti wọlé délẹ̀ tí nǹkan ò yí padà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò fóònù, fọ́ọ́nrán àpò ṣòkòtò máa ń kó sídìí ẹ̀, igi pínńtín ìfọyín lẹ máa fi hú u jáde, kì í ṣe abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ á ha irin inú ẹ̀. Tí ìyẹn náà ò bá ṣiṣẹ́, wáyà ti já nínú, ìdí jáàkì ibi tó ti ń tẹ̀ ló sì ti máa ń já.

Ó dáa, a ti so ó. Mo tan spíkà, mo tẹ MODE títí iná AUX fi tàn. Ibí yìí náà máa ń mú èèyàn, torí spíkà tó bá ní Búlútúùtù, tó bá ti tàn, ó lè dúró lórí Búlútúùtù, kó máa wá fóònù kiri, wáyà yín á sì wà lẹ́yìn ẹ̀ láìsí ẹni tó kà á sí.

Fólúùmù wá kù, ibí gan-an ni ohùn tó mọ́ ti ń yàtọ̀ sí ariwo. Fóònù tèmi ní ìgbésẹ̀ 15, mo gbé e sí 12. Tó bá kìlọ̀ lójú ẹ̀ pé ohùn ti pọ̀ jù fún etí, ẹ gbà fún un, kì í ṣe etí ló wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sáà rántí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi íyápíìsì síbẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń yí ti spíkà sókè díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá títí yóò fi tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é lódì, fóònù wà ní 4, spíkà wà lókè téńté, orin á dún lóòótọ́, àmọ́ ẹ dá orin dúró kẹ́ ẹ gbọ́ ‘ṣààààà’ tó ń ti spíkà jáde. Ohùn kékeré tí fóònù fún un ló ń sọ di ńlá, ariwo inú ara ẹ̀ sì ń bá a gòkè. Fóònù lókè tán pátápátá náà ò dáa lára fóònù míì, pàápàá tẹ́ ẹ bá ti fi béèsì kún un nínú ẹ̀, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ híha, ẹ dín ti fóònù kù ní ìgbésẹ̀ kan tàbí méjì, kẹ́ ẹ fi spíkà dí i. Tó bá ṣì ń ha tí iná CLIP lára spíkà sì ń ṣẹ́jú, ó jẹ́ pé spíkà yín ti dé ibi tágbára ẹ̀ mọ.

Tí ẹgbẹ́ kan ò bá dún, bíi òsì, ẹ pa spíkà, kẹ́ ẹ pààrọ̀ pupa àti funfun lẹ́yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ tàn án padà. Tó bá jẹ́ òsì náà ni ò tún dún, ẹjọ́ spíkà ni. Tó bá ti kó lọ sí ọ̀tún, wáyà tàbí fóònù lẹ máa bi.

Kùnkùn wá, tó ń kùn bí oyin. Ẹ wò ó, mo ki ṣájà bọ fóònù báyìí… ẹ gbọ́ ọ? Mo yọ ọ́… ó ti lọ. Ṣájà àti spíkà ló jọ ń gba ara iná ilé, tí wáyà wa yìí sì tún wá so wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ohun tó ń yí ká láàárín wọn lẹ̀ ń gbọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí bátìrì kún kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ yọ ṣájà. Tí orin bá máa pẹ́ tí ṣájà ò ṣeé yọ, ẹ ki ṣájà àti spíkà sára ẹ̀kíténṣàn kan náà, ó máa ń dín in kù, ìgbà míì kì í mú un kúrò tán.

Èyí tó ń ṣe ‘tí-tí-tí-tí’ kí ìpè tó wọlé, àárín fóònù àti netiwọ́ọ̀kì nìyẹn. Mo máa ń fi fóònù sí ipò ọkọ̀ òfuurufú tí orin bá ti wà nínú ẹ̀, kí ìpè má tiẹ̀ já lu orin.

Tẹ́ ẹ bá parí, fólúùmù spíkà lẹ máa kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹ pa á, kẹ́ ẹ tó yọ jáàkì, ẹ sì di orí ẹ̀ tó le yìí mú kẹ́ ẹ fà á, ẹ má fa okùn ẹ̀.