Ọjọ́ Tí Owó Máa Padà Délé: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Kan ní Kétu, Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, Lórí Bọ́ọ̀nù Ìjọba

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin tísà tí ẹ jókòó lẹ́yìn, ẹ kú ìjókòó. Owó tí a kò ní ná lónìí, àmọ́ tí a gbọ́dọ̀ ná kí ọdún tó yí po, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Owó àgbàdo, owó iléèwé, owó tí a fẹ́ fi kan páànù sórí ilé lẹ́yìn òjò. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ibi tí a lè tọ́jú irú owó bẹ́ẹ̀ sí, ìbéèrè tó kọ́kọ́ ń jáde ni pé, “Èló ló máa mú wá?” Èmi kì í fi ìyẹn ṣáájú. Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ gbà á? Ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Bọ́ọ̀nù ìgbà kúkúrú tí ìjọba ń tà, èyí tí ìwé báǹkì ń pè ní BAT, jẹ́ owó tí ìjọba yá lọ́wọ́ wa tó sì dá ọjọ́ sísan rẹ̀. Ẹyọ kan jẹ́ mílíọ̀nù kan sẹ́fà. Kì í kọjá ọdún méjì. Ìjọba mẹ́jọ tí ń ná sẹ́fà wa ló ń tà á, nípasẹ̀ iléeṣẹ́ kan ní Dákà tí ẹ máa rí orúkọ rẹ̀ lórí fóònù báyìí: UMOA-Titres. Ẹnikẹ́ni kì í lọ rà á níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Báǹkì yín, tàbí alágbàtà tó gba ìwé àṣẹ, ló máa bá yín dá sí i lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń tà á.

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ta àgbàdo. Ó kó àgbàdo pamọ́ títí ọjà fi wọ́n, ó tà á tán níparí oṣù Kẹrin, owó tó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù mẹ́fà wá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oṣù Kẹjọ ni àgbàdo tuntun máa jáde, tí ó sì fẹ́ rà á lówó pọ́ọ́kú. Báǹkì bá a ra bọ́ọ̀nù mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún, tó sì máa parí ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ. Ọjọ́ 91 nìyẹn. Ká fi ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ṣe àpẹẹrẹ èlé rẹ̀. Ti ọjọ́ tí ẹ bá lọ lè ga ju bẹ́ẹ̀ tàbí kó kéré sí i.

Wọn kì í dúró dìgbà tó bá parí kí wọ́n tó san èlé yìí. Ṣe ni wọ́n ń yọ ọ́ kúrò nínú iye tí ẹ máa san. Mílíọ̀nù mẹ́fà, ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, ọjọ́ 91 nínú 360: èlé rẹ̀ jẹ́ 91,000. Nítorí náà, 5,909,000 ni ìyá máa san, nígbà tó bá sì di ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, mílíọ̀nù mẹ́fà pé á wọ àkáǹtì rẹ̀.

Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìfowópamọ́ tí báǹkì ń san 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún fún. Iye owó kan náà máa mú nǹkan bí 51,500 wá láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò tó 40,000. Bí báǹkì bá gba 30,000 fún iṣẹ́ rírà àti títọ́jú bọ́ọ̀nù náà, kò sí èrè tó ṣe gúnmọ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ béèrè iye gbogbo owó iṣẹ́ wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹni tó fẹ́ ra ẹyọ kan péré, fún oṣù mẹ́ta, lè rí i pé owó iṣẹ́ gbé èlé náà jẹ.

Kí wá ni ìyá ń wá níbẹ̀? Bí báǹkì bá dẹnu kọlẹ̀, àpò ìdáàbòbò tí ìjọba mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dá sílẹ̀ kò ní san ju 1,400,000 sẹ́fà fún oníbàárà báǹkì kan. Ti ẹgbẹ́ àfowóyáni kò ju 300,000 lọ. Mílíọ̀nù mẹ́fà ìyá kọjá ibẹ̀ fíìfíì. Bọ́ọ̀nù ní tirẹ̀ kì í ṣe gbèsè báǹkì. Báǹkì kàn ń tọ́jú rẹ̀ ni, ìjọba ló jẹ gbèsè.

Ó wá kan ìjọba wo. Àwọn kan wà tí wọ́n ń lọ káàkiri sọ pé bọ́ọ̀nù ìjọba mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kò yàtọ̀ síra. Mo ta kò wọ́n, mo sì tún ń ta kò wọ́n níbí. Ní oṣù Kìíní 2022, nígbà tí wọ́n fi ìyà ọrọ̀ ajé jẹ Màlì, wọ́n dí ọ̀nà owó rẹ̀ ní báǹkì àgbà. Bọ́ọ̀nù rẹ̀ ń parí, owó kò jáde. Oṣù Keje ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Bákan náà ló ṣẹlẹ̀ sí Nìjẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìfipágbàjọba oṣù Keje 2023, títí di oṣù Kejì 2024. Wọ́n padà san gbèsè tó ti kọjá ọjọ́ lẹ́yìn náà, àwọn alátakò mi sì ń fi ìyẹn gbèjà ara wọn. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí owó bá jáde lóṣù Kejì, kí ni ìyá máa fi ra àgbàdo oṣù Kẹjọ? Ẹni tó fẹ́ tọ́jú owó fún ogún ọdún lè fara da ìdádúró oṣù méje. Owó ìgbà kúkúrú kò lè fara dà á, torí ọjọ́ yẹn gan-an ni a torí rẹ̀ fi í pa mọ́. Nítorí náà, bí èlé orílẹ̀-èdè kan bá ga ju ti àwọn ìyókù lọ lọ́sẹ̀ kan náà, ẹ béèrè ohun tí àwọn báǹkì rí tí wọ́n fi ń gba owó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ kọjá sí àpò owó àjọní nígbà tí arákùnrin kan dìde. Ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá mi, àwọn èèyàn wa ní Ìlárá àti Ìmẹ̀kọ sọ pé èlé bọ́ọ̀nù Nàìjíríà ju tiwa lọ dáadáa. Kí ló dé tí a ò kọjá lọ rà á?”

Ìbéèrè yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo àkókò tó kù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Kí oṣù Kẹfà 2023 tó dé ìdajì, nǹkan bí náírà 460 ni dọ́là kan lọ́wọ́ ìjọba. Nígbà tó fi di oṣù Kejì 2024, ó ti lé ní 1,500. Ká tiẹ̀ sọ pé èlé ogún nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà: 100 náírà di 120, àmọ́ ohun tí 120 yẹn lè rà ní dọ́là kò tó ìdá méjì nínú márùn-ún ohun tí 100 rà tẹ́lẹ̀. Sẹ́fà wa so mọ́ yúrò, 655.957 sí ẹyọ kan. Kò bá náírà ṣubú. Ìjọba Nàìjíríà san gbogbo náírà tó jẹ pé pérépéré, síbẹ̀ ẹni tó fẹ́ ná sẹ́fà ti pàdánù. Àmọ́ arákùnrin mi, bí ó bá jẹ́ náírà lo máa fi ra ọjà ní Ìmẹ̀kọ ní oṣù Kẹjọ, bọ́ọ̀nù náírà kò burú fún ọ. Owó tí o máa ná ni kí o fi pa á mọ́.

Lórí àpò owó àjọní, mo kàn rí àyè sọ díẹ̀. Òun ló yẹ ẹni tí owó rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù kan. Alábòójútó ń kó owó ọ̀pọ̀ èèyàn jọ, ó ń fi ra bọ́ọ̀nù, ó ń fi sí báǹkì, ẹ sì lè jáde kí ọjọ́ bọ́ọ̀nù tó pé. Àpò ìdáàbòbò tí mo sọ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Iye ìpín rẹ̀ lè wálẹ̀, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹsàn-án 2008, nígbà tí báǹkì Líìmàn dẹnu kọlẹ̀, tí ìpín àpò kan tó ti yá a lówó sì bọ́ sí 97 sẹ́ǹtì dípò dọ́là kan. Ẹ béèrè ìwé tó ń to ohun tó wà nínú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Bí ẹ bá rí gbèsè ọlọ́dún márùn-ún tàbí méje tó pọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe àpò ìgbà kúkúrú, orúkọ yòówù tí wọ́n bá fún un. Kí ẹ sì wo ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́dọ̀ AMF-UMOA, àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìdókòwò ní orílẹ̀-èdè wa mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Àwọn bí ICC Services tí wọ́n gba owó wa lọ ní 2010, tí ẹkún ọ̀hún kò tíì tán ní Àjàṣẹ́ títí dòní, ṣèlérí èlé ńlá fún wa. Kò sí ìwé kankan tí wọ́n lè fi hàn pé ohun báyìí ni owó yín wà nínú rẹ̀.