Bọ́tìnnì Ọlọ́fà Tẹ́ Ẹ Máa Ń Ṣì Lò

Ẹ wo bọ́tìnnì yìí lára éésì ọkọ̀ yín, èyí tí wọ́n ya mọ́tò sí, tí ọfà yí po nínú rẹ̀. Bí iná rẹ̀ bá tàn, mọ́tò ti ilẹ̀kùn mọ́ afẹ́fẹ́ ìta, ti inú ọkọ̀ nìkan ló ń fà tó sì ń tún mú tutù. Bí iná rẹ̀ bá kú, afẹ́fẹ́ ìta ló ń wọlé.

Ká ní ẹ páàkì sẹ́bàá Ọjà Ọba l'Ádó lọ́sàn-án gangan. Ẹ padà dé, ìjókòó ń jó yín nídìí. Ẹ má tíì tẹ ọlọ́fà! Inú ọkọ̀ ló gbóná ju ìta lọ báyìí, ooru yẹn náà lẹ máa máa yí po. Ẹ ṣí wíńdò, ẹ wakọ̀ bí ìṣẹ́jú kan. Ẹ ti wíńdò, ẹ tan éésì, kẹ́ ẹ WÁÁ tẹ ọlọ́fà. Afẹ́fẹ́ tó ti tutù díẹ̀ ló ń tún mú tutù nísinsìnyí, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ò ní ṣe wàhálà púpọ̀ mọ́, epo náà ò sì ní tètè jó.

Tí éésì ọkọ̀ yín bá ní AUTO, tó ń ṣètò ara rẹ̀, ẹ fi sí 23 tàbí 24, kẹ́ ẹ gbọ́wọ́ kúrò. Àwọn kan á fà á wálẹ̀ dé LO, pé kó lè tètè tutù. Ó máa ń dùn mí! Nígbà tí ọkọ̀ gbóná, AUTO ti ń sa gbogbo agbára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń ti Adó lọ sí Ìkẹ́rẹ́, bó bá sọ fún awakọ̀ pé Àkúrẹ́ lòun ń lọ, ṣé á tètè dé Ìkẹ́rẹ́ ni? Wọ́n kàn máa gbé e kọjá ni.

Ó wá ku ti òjò, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Èmi àti èèyàn mẹ́rin ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè lọ́jọ́ kan, òjò ti pa gbogbo wa. Òtútù mú wa, mo pa éésì, mi ò rántí pé ọlọ́fà ṣì ń tàn. Kò pẹ́ tí gíláàsì iwájú fi funfun báláú. Mo fi aṣọ nù ún, ó tún padà. Èémí ẹnu èèyàn márùn-ún pẹ̀lú aṣọ tútù, kò sí ibi tí ọ̀rinrin yẹn fẹ́ gbà jáde!

Ẹ gbọ́ o: ÉÉSÌ KÌ Í ṢE FÚN ÒTÚTÙ NÌKAN. Ó ń gbẹ afẹ́fẹ́. Ọ̀rinrin máa ń lẹ̀ mọ́ páìpù tútù inú rẹ̀, á di omi. Omi yẹn lẹ máa ń rí tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Nítorí náà, ẹ pa ọlọ́fà, ẹ tan A/C, ẹ darí afẹ́fẹ́ sí gíláàsì. Bí òtútù bá ń mú yín, ẹ gbé nọ́ńbà náà sókè, ẹ má pa A/C. Bó bá sì jẹ́ AUTO lẹ fi sí, ẹ yẹ iná ọlọ́fà wò, torí ó lè ti tan án fúnra rẹ̀ nígbà tí oòrùn ń mú.

Bí gíláàsì bá ṣì funfun, ẹ fi wáípà nù ún lẹ́ẹ̀kan. Bó bá mọ́, ìta ni kùrukùru náà wà, gíláàsì yín ló tutù jù. Ẹ darí afẹ́fẹ́ tútù kúrò lára rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé nọ́ńbà sókè díẹ̀.